Àdúrà ọjọ́ ìbí fún ọmọ tó wà ní yunifásítì ọ̀nà jíjìn: kí ni kí n kọ?

Ìyá Àkànní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọmọ 20 ọdún lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Yunifásítì tó wà jìnnà sílé gan-an ló wà, kò sì ní lè wálé. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ àdúrà gígùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, mo pẹ́ nídìí ẹ̀ kí n tó sùn. "Àmín mà" péré ló fi dá mi lóhùn. Ó dùn mí. Àbúrò mi ní kí n gé e kúrú lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi ní àdúrà ìyá kì í pọ̀ jù. Èwo ni kí n ṣe?

---

Màmá Ìbejì

Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Mo ní ọ̀kan tí wọ́n fi sínú ẹgbẹ́ ìyá wa, ó gbóná! Gbogbo àwọn ọmọ mi ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí. Ẹ kàn fi orúkọ Àkànní sí ibi tí wọ́n kọ "orúkọ ọmọ" sí, ó ti parí nìyẹn. Kí lẹ ń jókòó kọ lóru fún?

---

Ọmọ Ọdún Kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọ yunifásítì lèmi náà, èmi náà sì jìnnà sílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí.

Màmá Ìbejì, ẹ má bínú mà, àwọn ọmọ yín mọ̀. Tí ẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan láti ẹgbẹ́ kan lọ sí ibòmíì, Wásáàpù máa ń kọ "Forwarded" sórí ẹ̀. Tó bá sì ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, á kọ "Forwarded many times", á tún fi ọfà méjì sí i. Ibi tí ojú wa kọ́kọ́ ń lọ nìyẹn ká tó ka àdúrà. Àwọn ìyá kan gbọ́n, wọ́n máa ń dà á kọ tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kí àmì yẹn má baà hàn. Ó dáa, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan gba tiẹ̀ lọ́dún kan, ló bá rí "ọmọ mi obìnrin, ọkọ rere á wá ẹ rí" láàárín àdúrà. Gbogbo yàrá la jọ rẹ́rìn-ín títí. Ìyá ẹ̀ ò mọ̀ títí dòní.

Ti "Àmín mà" yẹn, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Ìyá Àkànní. Kí lẹ fẹ́ kó kọ? Tí èmi bá ka àdúrà màmá mi tán, ọ̀rọ̀ míì kì í wá sí mi lẹ́nu. Mo máa ń padà lọ kà á lálẹ́, nígbà tí àwọn tá a jọ wà nínú yàrá bá ti sùn. Ẹ ò lè rí ìyẹn lórí fóònù yín. Ohun kan ṣoṣo ni: tó bá gùn jù, Wásáàpù á gé e, á kọ "Read more" sísàlẹ̀. Tí mo bá wà níbi tí olùkọ́ ti ń kọ́ wa, ìlà tó ṣáájú "Read more" nìkan ni mo máa rí nígbà yẹn.

---

Bàbá Òkè Ọjà

Ìyá yìí, ẹ jí lójú oorun. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ gbàdúrà fún tó ní "Àmín mà" péré, ó ti kẹ́gbẹ́kẹ́gbẹ́ nìyẹn. Ẹ dá owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i dúró fún oṣù kan, ẹ máa rí i bó ṣe máa kọ lẹ́tà sí yín. Nígbà tiwa, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń gba àdúrà òbí.

---

Ìyá Àkànní

Bàbá, ọmọ mi ò ya ìpátá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà ni mo ń béèrè.

---

Tíṣà Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì.

Gbogbo yín ń jiyàn lórí gígùn àti kíkúrú. Lójú tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹnu méjì ló ń gba àdúrà Yorùbá. Ẹni tó ń wúre á sọ gbólóhùn kan, á dánu dúró, ẹni tí wọ́n ń wúre fún á ní "àṣẹ" tàbí "àmín", èyí tó kàn á wá tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìyá tó ń gbàdúrà fún ọmọ ẹ̀ nínú ilé láàárọ̀. Ọmọ á ti ṣe àmín bíi mẹ́wàá kí ìyá tó parí. Tí ọmọ bá gbàgbé láti ṣe é, ìyá á dúró, á ní "o ò ṣe àmín?" Òun náà mọ̀ pé ìdajì àdúrà ń bẹ lẹ́nu ọmọ.

Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbágbáágbá lórí fóònù. Ibo lẹ fẹ́ kí ọmọ ti ṣe àmín? Ibì kan ṣoṣo ló kù fún un, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí Àkànní sì ṣe nìyẹn. Ọmọ yẹn ò já yín kulẹ̀, ìyá. Ó dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn àdúrà, ọ̀nà tí ẹ gbà kọ ọ́ ni kò fún un láyè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wà láàárín ìlà kan àti èkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Tàbí kí ẹ fi ohùn sọ ọ́, kí ẹ sì máa dánu dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọmọ jókòó níwájú yín. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń fi ohùn ránṣẹ́ kì í mí rárá. Wọ́n á sáré gbà á tán bí ẹni pé owó ìpè fẹ́ tán, ọmọ ò sì ní rí ibi sọ nǹkan kan.

---

Sístà Àárọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun, ìyẹn yé mi. Àmọ́ ẹ ti fo èyí tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn ìyá wa gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú "o ò ní, o ò ní". "O ò ní kú, o ò ní ṣàìsàn, o ò ní fìdí rẹmi." Ọmọ ò gbọ́ "ò ní", ikú àti àìsàn ló ń gbọ́. Ohun tí a bá ń pè ló ń jẹ́. Ire nìkan ni kí á máa pè lọ́jọ́ ìbí: wàá pẹ́, wàá là, wàá borí. Kò gbọ́dọ̀ sí "ò ní" kankan níbẹ̀.

---

Tíṣà Àgbà

Ìdajì ni mo gbà nínú ìyẹn, Sístà. Tí a bá yọ "ò ní" kúrò nínú àdúrà Yorùbá, kí ló kù? "Ojú ò ní tì ẹ́" ńkọ́? "Orí ẹ ò ní pa ẹ́ dà" ńkọ́? Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tó sá.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni àtòjọ. Tí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ibi lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́tò, iná, omi, ajínigbé, ọ̀tá, bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rí létí. Ọmọ tó wà lóun nìkan níbi tí kò ti ní ẹbí máa kà á, ohun tí kò ronú kàn tẹ́lẹ̀ á sì wá jókòó sí i lọ́kàn. Ẹ̀bẹ̀ "ò ní" kan tàbí méjì, láàárín àwọn ẹ̀bẹ̀ ire, ti tó. Kó má ṣe ìlà àkọ́kọ́, kó má sì ṣe ìlà ìparí.

---

Àlájà Alálùbáríkà

Ẹ má gbàgbé àwa Mùsùlùmí o. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ áfáà ò fẹ́ kí á máa ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Àwọn míì ní kò sí láìfí tó bá jẹ́ àdúrà lásán. Èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní kọ "o kú ọjọ́ ìbí" rárá. Màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó dá ẹ̀mí ọmọ sí di ọdún míì, lẹ́yìn náà màá tú àdúrà sílẹ̀. Hadíìsì wà pé àdúrà òbí lórí ọmọ wà lára èyí tí Ọlọ́run kì í dá padà, àdúrà arìnrìn-àjò náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó lọ kàwé lọ́nà jíjìn, arìnrìn-àjò ni lójú tèmi. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún un pé kí òun náà gbàdúrà fún èmi. Tí ọmọ mi bá sì ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kì í fi "àmín" nìkan dáhùn mọ́, á kọ tiẹ̀ padà. Ìyá Àkànní, ẹ dán ìyẹn wò.

---

Ìyá Àkànní

Ẹ ṣeun gan-an, Àlájà. Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo ti kọ nǹkan sílẹ̀ fún tọdún yìí kí n tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi síbí, kí ẹ má bojú mi wò:

"Ọmọ mi àtàtà, o kú ọjọ́ ìbí. O ò ní kú ní kékeré. Mọ́tò ò ní gbá ẹ, iná ò ní jó ẹ, omi ò ní gbé ẹ lọ. Ajínigbé ò ní rí ẹ. Gbogbo àwọn tó ní o ò ní jáde yunifásítì, ojú á tì wọ́n. Kọ́ọ̀sì ìṣirò tó gbé ẹ ṣubú lọ́dún tó kọjá ò ní gbé ẹ ṣubú mọ́. Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Má kẹ́gbẹ́ burúkú. Máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Olúwa á bù kún ẹ, wàá ṣoríire. Èmi ìyá ẹ ni."

---

Ọmọ Ọdún Kẹta

Mà! Kọ́ọ̀sì ìṣirò lọ́jọ́ ìbí?

---

Tíṣà Àgbà

Fi ìyá sílẹ̀, ọmọ. Ìfẹ́ ló sọ gbogbo ẹ̀.

Ìyá, kí n tó fọwọ́ kàn án, ẹ dá mi lóhùn nǹkan méjì. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Àkànní láàárín ọdún yìí tó jẹ́ pé ẹ̀yin mọ̀, tí ẹlòmíì ò mọ̀? Orúkọ wo lẹ sì ń pè é tí inú yín bá dùn?

---

Ìyá Àkànní

Àkànní náà ni, oríkì ẹ̀ ni. Nílé ìwé, orúkọ ìwé ni gbogbo wọn ń pè é, kò sẹ́ni tó mọ oríkì yẹn níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ibà dá a gúnlẹ̀ ní sáà tó kọjá. Mi ò mọ̀ àfìgbà tó ti dìde. Ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló lọ ra oògùn, òun ló ń bu omi fún un. Mi ò tíì fojú kan ọmọ yẹn rí.

---

Tíṣà Àgbà

Ẹ ti kọ àdúrà yín tán báyìí, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí mo yọ kúrò. Mo yọ gbogbo àtòjọ ibi. Mo yọ àwọn tó ní kò ní jáde, nítorí ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti sọ ọ́, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ta ni wọ́n. Mo yọ "rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe" àti ẹgbẹ́ burúkú àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbáwí nìyẹn, ó ní ọjọ́ tiẹ̀. Tí ìbáwí bá ti wọ àárín àdúrà, ọmọ ò mọ ibi tó yẹ kó ti ṣe àmín mọ́. Ta ló ń ṣe àmín sí "má kẹ́gbẹ́ burúkú"? Kọ́ọ̀sì ìṣirò, mi ò yọ ọ́, mo kàn yí ojú ẹ̀ padà ni. Ohun tó ń ká ọmọ lára ni, ó yẹ kí ìyá mú un dé iwájú Ọlọ́run, àmọ́ kò yẹ kó dárúkọ ìṣubú.

Ó wá rí báyìí:

Àkànní ọmọ mi, o kú ọjọ́ ìbí.

Ọjọ́ tí mo bí ẹ, ayọ̀ ni mo fi gbà ẹ́. Ayọ̀ ò ní tán lọ́dọ̀ ẹ.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Iwájú, iwájú ni wàá máa lọ.

Ìwé tí o bá jókòó tì á yé ẹ. Èyí tó yé ẹ á wá sí ẹ lọ́kàn lọ́jọ́ ìdánwò.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó bu omi fún ẹ nígbà tí ibà dá ẹ gúnlẹ̀, Olúwa á rán ẹni tó máa bu omi fún òun náà.

O ò ní dùbúlẹ̀ àìsàn níbi tí kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Wàá jáde pẹ̀lú ayọ̀, ojú èmi ìyá ẹ á rí i.

Àṣèyíṣàmọ́dún o, ọmọ mi. Ìwọ náà gbàdúrà fún mi.

Ìlà odò yẹn, bí àwọn àgbà ṣe ń wúre ni. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ohun kan tí kì í yẹ̀ láyé, wọ́n á wá gbé ẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Ẹyọ kan ti tó nínú àdúrà ìlà mẹ́sàn-án. Tó bá pọ̀, á dà bíi ti ẹni tó ń pọfọ̀. Ti àlọ àti àbọ̀, inú Sáàmù 121 ni mo ti fa èrò ẹ̀ yọ, ẹsẹ 8 tó parí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ "Sáàmù 121" lásán kí ọmọ lọ kà á. Ẹ fi èyí tó kan ọmọ sẹ́nu ara yín.

---

Ìyá Àkànní

Tíṣà, ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó bu omi yẹn mú omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á san án fún yín.

---

Sístà Àárọ̀

Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n "o ò ní dùbúlẹ̀ àìsàn" ṣì wà níbẹ̀ o! Ẹ̀yin lẹ ní kí á má to ibi. Ẹ fi "ara ẹ á máa le koko" rọ́pò ẹ̀.

---

Tíṣà Àgbà

Ọmọ tó ti ṣàìsàn lóun nìkan rí, "ara ẹ á máa le" ò ní kan ibi tó ń dùn ún. Ó fẹ́ mọ̀ pé ìyá òun mọ̀ pé òun dá wà. Mi ò ní yọ ọ́.

---

Sístà Àárọ̀

Èmi ní tèmi máa yọ ọ́. Ọjọ́ ìbí ni.

---

Ìyá Bọ̀ọ̀dá

Mo ń ka gbogbo yín, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un. Ẹ má gbé e sí Fesibúùkù. Lọ́dún kan, mo gbé fọ́tò ọmọ mi síbẹ̀, mo kọ orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ tí mo bí i, yunifásítì tó wà, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, mo wá fi àdúrà lé e. Gbogbo ayé ṣe àmín. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan pè mí, ó ní dókítà ni òun, pé mọ́tò gbá ọmọ mi, wọ́n nílò owó kíákíá kí wọ́n tó lè tọ́jú ẹ̀. Ó pe orúkọ ẹ̀ pé, ó mọ ohun tó ń kọ́. Àyà mi já. Ọkọ mi ló ní kí n pe ọmọ náà fúnra mi. Mo pè é, ó gbé e, oorun ló ń sùn! Gbogbo ohun tí onígbàjúẹ̀ yẹn mọ̀, ọwọ́ mi ló ti rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ayé bá yín yọ̀, orí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù dáa jù, wákàtí 24 péré ló máa wà níbẹ̀, àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín tí tiyín náà wà lọ́wọ́ wọn ló sì sábà máa ń rí i. Oríkì nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ti ibà àti ti ìwé, kó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

---

Màmá Ìbejì

Hẹn, kí àwọn èèyàn má tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ mi ń ṣe ọjọ́ ìbí? Èmi á gbé tèmi síta o. Ayọ̀ kì í fara pamọ́. Àmọ́ màá yọ orúkọ yunifásítì.

---

Ìyá Àkànní

Mi ò ní gbé e síta. Ìbéèrè kan ló kù: kí n kọ ọ́ ni, àbí kí n fi ohùn sọ ọ́? Àkànní ti pa àmì búlúù ti Wásáàpù ẹ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá ó kà á.

---

Ọmọ Ọdún Kẹta

Ẹ fi ohùn sọ ọ́, mà. Ẹni tó bá pa àmì búlúù, ti ọ̀rọ̀ kíkọ ló pa. Ti ohùn ò kú. Tó bá ti gbọ́ ọ, àwòrán máíkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn yẹn á di búlúù lórí fóònù tiyín. Ẹ sì sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé kó gbé fóònù sétí, nítorí tó bá gbé e sétí, inú etí ẹ̀ nìkan ló ti máa dún, yàrá ò ní gbọ́. Tó bá dún síta tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, ojú á tì í láti ṣe àmín, á dá a dúró láàárín.

Ẹ má gbà á nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ń pariwo. Màmá mi gba tèmi bẹ́ẹ̀ rí, ìròyìn ni mo gbọ́ jù.

---

Tíṣà Àgbà

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ìlà mẹ́sàn-án yẹn tẹ̀ lé e. Ohùn fún àmín, ìwé fún ìgbà tó bá fẹ́ padà lọ kà á lálẹ́ bí ọmọ yìí ṣe wí.

---

Ìyá Àkànní

Ó ti yé mi. Ààjìn òru ni màá fi ránṣẹ́, kí n lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

---

Ọmọ Ọdún Kẹta

Áà, mà, ẹ má ṣe é lóru! Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ya bò ó, kò ní rí fóònù gbé. Ẹ jẹ́ kó di ìdájí, kó tó jáde lọ sí kíláàsì.

---

Bàbá Òkè Ọjà

Ìdájí kẹ̀? Àdúrà ìyá lórí ọmọ, ààjìn ni wọ́n ń gbà á. Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn.

---

Ìyá Àkànní

Ààjìn ni màá gbà á, Bàbá. Ìdájí ni màá fi ránṣẹ́.